Sítétímẹ́ǹtì báńkì tó gba ímeèlì wọlé: bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò láti Ìlọrin kí n tó gbà á gbọ́

Alájì kan wà ní Òmù-Àrán tó ní mílì ìrẹsì, báńkì tó fẹ́ yá a lówó ní kó mú àkáǹtì ọdún 2024 tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò wá, ni iṣẹ́ náà bá dé ọ̀dọ̀ wa ní Tánkè, nílùú Ìlọrin. Owó tí wọ́n fẹ́ san ò tó nǹkan téèyàn á máa fi wọ mọ́tò lọ wọ mọ́tò bọ̀, ọ̀nà ìhà ibẹ̀ náà ò sì dùn-ún rìn mọ́ bíi tàtijọ́, a wá fẹnu kò pé ẹ̀ẹ̀kan péré la máa lọ, ìyẹn láti ka àpò ìrẹsì inú ilé ìkẹ́rù lọ́jọ́ tí ọdún parí, gbogbo ìyókù a máa ṣe é láti orí kọ̀ǹpútà.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kejì 2025, kaṣíà wọn fi sítétímẹ́ǹtì báńkì ránṣẹ́. Ojú ewé 9, lógò báńkì wà lókè, sítáǹpù wà nísàlẹ̀, bálánsì ìparí ọdún 4,262,600 náírà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe wà nínú káàṣìbúùkù wọn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti fẹ́ máàkì ẹ pé ó bára mu. Mo ní kó rọra.

Kì í ṣe pé mo ti fura sí ẹnikẹ́ni o. ISA 240, ọ̀kan lára ìlànà àgbáyé tí ọ́dítọ̀ ń tẹ̀ lé, fúnra ẹ̀ sọ pé ọ́dítọ̀ lè gba ìwé tí wọ́n fún un bíi ojúlówó tí kò bá rí nǹkan tó mú un fura, a kì í ṣe ọlọ́pàá tó ń yẹ ayédèrú ìwé wò. Ṣùgbọ́n ISA 500 náà sọ pé ẹ̀rí tí ọ́dítọ̀ fúnra ẹ̀ gbà látọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn, lágbára ju èyí tó gba ọwọ́ oníbàárà kọjá lọ. Sítétímẹ́ǹtì tí kaṣíà fi ránṣẹ́ sí mi, báńkì ló ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ kaṣíà ló ti bọ́ sí ọwọ́ mi, gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ò ju pé kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé yẹn nígbà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà kí n lọ gba èsì láti ọ̀nà tí kò gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá.

Bí ẹ ṣe máa béèrè ẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó kàn kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù pé "ẹ fi sítétímẹ́ǹtì yín ránṣẹ́", wọn á ya fọ́tò ẹ̀ sí yín, fọ́tò orí Wọ́sáàpù sì rèé, ó máa ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́ ni, gbogbo àmì tó wà nínú fáìlì ti lọ, kò sóhun tẹ́ ẹ lè fi ṣe mọ́. Àwọn míì á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á tún wá fi fóònù sikáànì ẹ̀ padà, ìyẹn náà ti kú.

Nǹkan tí mo kọ sí kaṣíà nìyí, ẹ lè mú un lò: "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ímeèlì tí báńkì fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ yín gan-an ni mo fẹ́, ẹ má yọ páàsíwọ́ọ̀dù ẹ̀, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ ṣí i nínú Jímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì ìdánudúró mẹ́ta tó tò lókè, ẹ yan `Forward as attachment`. Ẹ wá pè mí kí n lè gbọ́ páàsíwọ́ọ̀dù náà lẹ́nu yín." Tí wọ́n bá ṣe é báyìí, ímeèlì báńkì fúnra ẹ̀ ló máa wọlé bíi fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí `.eml`, pẹ̀lú gbogbo àmì ìrìnàjò ẹ̀. Tí wọ́n bá kàn fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀ lásán, àmì ìrìnàjò báńkì á pòórá, tiwọn lẹ máa rí.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n má yọ páàsíwọ́ọ̀dù ni pé àwọn báńkì wa sábà máa ń ti píìdíẹ́fù yẹn pa, àwọn èèyàn wá máa ń gbé e lọ sórí wẹ́ẹ̀bù tó ń ṣí i, fáìlì tó bá jáde níbẹ̀ ti di fáìlì tuntun. Ìyẹn ò sọ wọ́n di olè, ó kàn ń ba ẹ̀rí jẹ́ ni.

Kaṣíà fèsì pé ímeèlì báńkì ti "di dílíìtì", èyí tóun fi ránṣẹ́ yẹn náà ni kí n fọwọ́ mú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi bó ṣe sọ ọ́, mi ò bá a jiyàn.

Kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ tọ́jú ẹ̀

Ẹ dáńlóòdù fáìlì náà bó ṣe wọlé, ẹ fi sí fódà tẹ́nìkan ò ní kọ nǹkan sí, ẹ ṣe ẹ̀dà kan síta, ẹ̀dà yẹn lẹ máa fi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ gba háàṣì ẹ̀. Háàṣì ò ju òǹkà gígùn kan tí kọ̀ǹpútà ṣírò látinú gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì, tẹ́nìkan bá yí kọ́mà kan péré padà òǹkà náà á yàtọ̀ pátápátá. Lórí Windows kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa rà, ẹ ṣí `cmd`, kẹ́ ẹ wá kọ:

```
certutil -hashfile sta_dec2024.pdf SHA256
```

Ẹ kọ òǹkà tó bá jáde sínú ìwé iṣẹ́ yín, pẹ̀lú ọjọ́, aago, ẹni tó fi ránṣẹ́ àti àdírẹ́sì tó fi ránṣẹ́. Tó bá di pé ẹnì kan sọ lọ́la pé kì í ṣe fáìlì tóun fi ránṣẹ́ nìyẹn, ẹ ti ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa torí mo ti rí ẹni tó fi ṣi ọ̀nà: háàṣì ò lè fi sítétímẹ́ǹtì méjì tí wọ́n dáńlóòdù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wéra. Báńkì máa ń kọ aago tó ṣe fáìlì sínú ẹ̀, torí náà kẹ́ ẹ dáńlóòdù oṣù kan náà láàárọ̀ kẹ́ ẹ tún dáńlóòdù ẹ̀ lọ́sàn-án, háàṣì wọn ò ní bára mu, bẹ́ẹ̀ ojúlówó ni méjèèjì. Ohun tí háàṣì ń sọ ò ju pé fáìlì kan ṣoṣo yìí ò tíì yí padà látìgbà tẹ́ ẹ ti gbà á.

Ímeèlì yẹn, ta ló fi ránṣẹ́ gan-an?

Orúkọ tó hàn lókè ímeèlì ò já mọ́ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ báńkì síbẹ̀. Nínú Jímeèlì ẹ tẹ `Show original`, kẹ́ ẹ wá wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Authentication-Results`. Ẹ ó rí èsì àyẹ̀wò mẹ́ta níbẹ̀, `spf`, `dkim` àti `dmarc`. `dkim` lèmi máa ń kọ́kọ́ wò, torí òun ni èdìdì tí ẹni tó ni dòméènì lẹ̀ mọ́ ímeèlì nígbà tó ń jáde kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Tó bá ti jẹ́ `dkim=pass`, ẹ má tíì yọ̀, ẹ wo orúkọ dòméènì tó tẹ̀lé e ní `header.d` tàbí `header.i`. Ẹ kà á létà kan kan. `r` àti `n` tó sún mọ́ra máa ń jọ `m`, ẹlòmíì á sì fi `.com` rọ́pò `.com.ng`. Ẹ tún wò ó bóyá `Reply-To` yàtọ̀ sí `From`, torí ẹ lè rò pé báńkì lẹ̀ ń fèsì fún, kó jẹ́ àdírẹ́sì ẹlòmíì ni lẹ́tà yín ń lọ.

Ti kaṣíà yìí, ó `pass` gbogbo ẹ̀, àmọ́ `header.i=@gmail.com` ni. Ìyẹn ò sọ nǹkan kan ju pé Jímeèlì ló ti jáde, ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọ́fíìsì mi rí `pass` mẹ́ta ó ní "sà, ó ti páàsì o". Mo ní ìwọ náà tó o bá kọ irọ́ látorí Jímeèlì ẹ, ó máa páàsì. Èdìdì ń sọ ibi tí lẹ́tà ti wá àti pé wọn ò yí i lójú ọ̀nà, kò sọ pé òótọ́ ló wà nínú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ `.eml` báńkì lẹ rí gbà, ìlà `Authentication-Results` tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tó tó, torí ọ̀rọ̀ lásán ni `.eml`, èèyàn lè fi Nótípáàdì ṣí i kó sì kọ `pass` sí i. Èdìdì yẹn gan-an lẹ máa tún yẹ̀ wò. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ `dkimpy`, tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà:

```
dkimverify < bank.eml
```

Tó bá ní `signature ok`, ó wá látọ̀dọ̀ dòméènì tó wà ní `d=` nínú èdìdì náà, wọn ò sì fọwọ́ kan sítétímẹ́ǹtì tó wà nínú ẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ má tíì pariwo, torí àwọn báńkì máa ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ èdìdì wọn, ímeèlì tó ti pẹ́ lè kọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan sí i.

Inú fáìlì náà

Èmi fẹ́ràn ibí yìí jù, bóyá torí ó dà bíi kéèyàn yọjú sí yàrá ìdáná. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ `poppler` ló ní àwọn àṣẹ méjì tí mò ń lò:

```
pdfinfo sta_dec2024.pdf
pdffonts -f 1 -l 7 sta_dec2024.pdf
pdffonts -f 8 -l 9 sta_dec2024.pdf
```

Èyí àkọ́kọ́ á sọ irú ẹ̀rọ tó ṣe fáìlì (`Producer`), ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ohun tí mo rí nínú ti Alájì:

```
CreationDate:   Mon Feb 10 09:14:22 2025 WAT
ModDate:        Wed Feb 12 23:41:07 2025 WAT
```

Báńkì ṣe é láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹnì kan wá tún un ṣe ní alẹ́ Ọjọ́rú nígbà tó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún kí aago méjìlá lù, èmi sì gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí lè jẹ́ kó yọ páàsíwọ́ọ̀dù, bí mo ṣe wí. Torí ẹ̀ ni mo fi lo àṣẹ kejì. Ojú ewé 1 sí 7, fọ́ǹtì kan ṣoṣo ni báńkì lò. Ojú ewé 8 àti 9, fọ́ǹtì méjì. Ẹ ò lè fi yíyọ páàsíwọ́ọ̀dù ṣàlàyé ìyẹn, torí yíyọ páàsíwọ́ọ̀dù kì í bu fọ́ǹtì tuntun sí ojú ewé méjì kó fi méje sílẹ̀.

Mo wá sún ojú ewé 8 mọ́ra títí ó fi di 400%. Nínú kọ́lọ́ọ̀mù bálánsì, gbogbo òǹkà tò gún régé lápá ọ̀tún bí eyín ìlàrí, àfi ìlà kan báyìí tó yọ síta díẹ̀, `4` iwájú ẹ̀ sì sanra ju `4` tó wà lókè ẹ̀ lọ. Ọmọ ọ́fíìsì mi ò rí i àfìgbà tí mo gbé rúlà sórí sikiríìnì.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí èyí mọ. `ModDate` àti `Producer`, èèyàn lè pa wọ́n rẹ́ tàbí kó kọ èyí tó wù ú. Ẹni tó bá mọṣẹ́ lè tún gbogbo sítétímẹ́ǹtì tẹ̀ látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú fọ́ǹtì kan náà, ẹ ò ní rí ohunkóhun. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí àbùkù, ó yẹ kẹ́ ẹ fura, àmọ́ tẹ́ ò bá rí àbùkù, ẹ ò tíì rí ẹ̀rí. Ti sítáǹpù yẹn, mi ò tiẹ̀ wò ó, àwọn ọmọ kéékèèké ń yà á lórí fóònù.

Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín

Ẹni tó bá yí òǹkà kan padà nínú sítétímẹ́ǹtì ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara ẹ̀, torí bálánsì ìlà kọ̀ọ̀kan ló bí èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ kó gbogbo ìlà sínú Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì, ẹ fi dẹ́bíìtì sí D, krẹ́díìtì sí E, bálánsì sí F, ẹ wá kọ èyí sí G3 kẹ́ ẹ sì fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=ROUND(F2-D3+E3-F3,2)
```

Ibi gbogbo ló yẹ kó jẹ́ 0. Ẹ má gbàgbé láti kó ìlà tó sábà máa ń wà lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan wọlé, ìyẹn bálánsì tí wọ́n gbé wá láti ojú ewé tó ṣáájú, àwọn èèyàn máa ń fò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ẹni tiwa.

Bó ṣe rí rèé, mo ti yọ àwọn ṣáàjì kéékèèké kúrò kó lè rọrùn láti kà. Kó tó di 16 oṣù Kejìlá, 3,417,600 ló wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ 16 wọ́n san káàṣì 860,000 wọlé, ó di 4,277,600. Lọ́jọ́ 18, ṣẹ́ẹ̀kì kan jáde, sítétímẹ́ǹtì pè é ní 250,000, ó ku 4,027,600, ojú ewé 8 parí síbẹ̀. Ojú ewé 9 wá bẹ̀rẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan lókè ẹ̀ sọ pé bálánsì tí wọ́n gbé wá jẹ́ 3,027,600. Lẹ́yìn ẹ̀, 23 oṣù Kejìlá, krẹ́díìtì 410,000, bálánsì 4,437,600. Lọ́jọ́ 30, dẹ́bíìtì 175,000, bálánsì 4,262,600.

Kọ́lọ́ọ̀mù G wà ní 0 títí dé ìsàlẹ̀ ojú ewé 8. Orí ojú ewé 9, ó yọ 1,000,000. Ìlà tó tẹ̀lé e, ó yọ -1,000,000. Ẹni tó ṣe é ti tún bálánsì gbogbo ìlà ṣe dáadáa o, ìlà kan ṣoṣo yẹn ló gbójú fò. Mo wá lọ wo àpapọ̀ dẹ́bíìtì tí báńkì kọ sí ojú ewé kìíní, mo ro gbogbo dẹ́bíìtì inú fáìlì pọ̀, ti báńkì fi mílíọ̀nù kan ju tèmi lọ. Ní kúkúrú, 1,250,000 ni ṣẹ́ẹ̀kì yẹn, wọ́n ti gé `1` iwájú ẹ̀ sọnù.

Ọgbọ́n kékeré kan tún wà tí mo fẹ́ràn, ó wúlò níbi owó tí wọ́n fi tiráńsífà ránṣẹ́. Ní ọdún 2024 yẹn, tiráńsífà tí kò ju 5,000 lọ, ṣáàjì ẹ̀ pẹ̀lú owó orí jẹ́ 10.75, láti ibẹ̀ dé 50,000 jẹ́ 26.88, tó bá ti ju 50,000 lọ ó di 53.75. Ẹni tó bá sọ 4,500 di 45,000 sábà máa ń gbàgbé ìlà ṣáàjì tó wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ ó rí 45,000 tí ṣáàjì ẹ̀ jẹ́ 10.75. Ti ṣẹ́ẹ̀kì tiwa yìí ò sí nínú ìyẹn, ṣáàjì tiráńsífà kì í bá a rìn. Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. 22 oṣù Kejìlá 2024 bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú, tẹ́ ẹ bá rí káàṣì tí wọ́n san lórí káńtà báńkì lọ́jọ́ yẹn, ẹ bi wọ́n pé káńtà wo.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i níṣojú yín

Mo pe Alájì fúnra ẹ̀, mi ò pe kaṣíà, torí ọwọ́ Alájì ni tókìnnì wà. Mo ní "Alájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká jọ wọ Súùmù fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣí báńkì yín, èmi á kàn máa wò." Wọ́n ní "Ọ́dítọ̀, ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní a ṣì ń ṣiṣẹ́ ni sà. Mi ò sọ ohun tí mo rí, torí mi ò tíì mọ ẹni tó ṣe é.

Bí ẹ ṣe máa darí ẹ̀ nìyí. Kí wọ́n ṣe ṣíà gbogbo sikiríìnì, kó má jẹ́ fèrèsé kan nìkan, kẹ́ ẹ lè rí àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù lókè. Tí wọ́n bá ti wà nínú àkáǹtì tẹ́lẹ̀, kí wọ́n jáde kí wọ́n tún wọlé, ẹ gbójú kúrò nígbà tí wọ́n bá ń tẹ páàsíwọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọjọ́ tí wọ́n máa yàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yàn án sílẹ̀ dè yín. Kẹ́ ẹ tó ka òǹkà kankan, ẹ ní kí wọ́n tẹ ríféẹ̀ṣì. Ìdí ni pé èèyàn lè fi `Inspect` yí òǹkà tó wà lójú wẹ́ẹ̀bù padà láìfọwọ́ kan nǹkan kan ní báńkì, á rí bíi òótọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ríféẹ̀ṣì kan ṣoṣo, òǹkà báńkì á padà sípò ẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n dáńlóòdù sítétímẹ́ǹtì níbẹ̀ kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe `certutil` lórí fáìlì náà lójú sikiríìnì, kí wọ́n ka àmì mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn nínú háàṣì náà fún yín. Ẹ ṣe tiyín lórí èyí tó wọlé. Fáìlì kan náà ni, torí náà níbí háàṣì gbọ́dọ̀ bára mu.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òmù-Àrán já lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, gbogbo ìgbà tó bá já ni mo máa ń ní kí wọ́n tún wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, Alájì ti ń rojú. Nígbà tó wá dé orí 31 oṣù Kejìlá, òǹkà tó jáde jẹ́ 3,262,600. Alájì ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní "Ọ́dítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ní ó wà nínú ìwé?"

Èsì tó máa wá látọ̀dọ̀ báńkì

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ti parí síbí. Kò tíì parí, ká tiẹ̀ ní òǹkà orí Súùmù bá ti kaṣíà mu, mi ò bá ṣì kọ lẹ́tà sí báńkì. Ohun tí oníbàárà ṣí hàn yín kò ju ohun tó yàn láti ṣí lọ. Tó bá ní àkáǹtì kejì tàbí gbèsè kan níbẹ̀, ojú sikiríìnì ò ní sọ.

ISA 505 ló sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà ìjẹ́rìísí yìí, kókó ẹ̀ ni pé ọ́dítọ̀ ló gbọ́dọ̀ dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oníbàárà á fọwọ́ sí ìwé tó fún báńkì láṣẹ láti bá wa sọ̀rọ̀, torí báńkì ò ní dá wa lóhùn láìsí i, àwa la máa fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni èsì sì máa bọ̀ tààrà. Ẹ má gba àdírẹ́sì báńkì lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ lọ wá a fúnra yín. Nínú lẹ́tà, ẹ má béèrè bálánsì àkáǹtì kan yẹn nìkan, ẹ béèrè gbogbo àkáǹtì tó wà lórúkọ iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, títí kan èyí tó wà ní òdo àti èyí tí wọ́n ti tì pa láàárín ọdún, gbogbo ẹ̀yáwó, ohun tí wọ́n fi dúró fún ẹ̀yáwó, àti gbèsè ẹlòmíì tí wọ́n ṣe onídùúró fún. Mo fi àkíyèsí kan kún un, pé kí wọ́n fi ẹ̀dà ṣẹ́ẹ̀kì ọjọ́ 18 ránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí mo fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀, ímeèlì kan tún wọlé látọ̀dọ̀ kaṣíà, ó ní òun ti bá mi gba èsì báńkì kí n má baà dààmú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi fáìlì náà sí fódà, mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé kì í ṣe ìjẹ́rìísí. Èsì tó bá gba ọwọ́ oníbàárà wá, ì báà jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe èsì látọ̀dọ̀ báńkì mọ́. Tó bá jẹ́ ímeèlì báńkì fúnra ẹ̀ ni wọ́n fi dá yín lóhùn, ẹ tún yẹ `dkim` àti dòméènì ẹ̀ wò bá a ṣe ṣe lókè, kẹ́ ẹ sì pe báńkì lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fúnra yín wá rí láti béèrè bóyá àwọn ló kọ ọ́. Èmi ò tiẹ̀ fóònù, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ẹ̀ka wọn nílùú Ìlọrin níbí, mo gba àpòòwé lọ́wọ́ wọn mo sì fọwọ́ síwèé.

Báńkì ní 3,262,600. Wọ́n tún ní àkáǹtì kejì wà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà, ó jẹ gbèsè 385,000 náírà, kò sí nínú ìwé Alájì rárá. Ẹ̀dà ṣẹ́ẹ̀kì wà níbẹ̀: 1,250,000, ìbuwọ́lù Alájì ló wà lórí ẹ̀ lóòótọ́. Alájì wò ó títí, wọ́n ní àwọn rántí, 250,000 ni àwọn rí nígbà tí àwọn fọwọ́ sí i, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnì kan kọ `1` ṣáájú òǹkà, tó sì ki "mílíọ̀nù kan àti" sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀.

Alájì nìkan ni mo bá sọ ọ́, ní ìkọ̀kọ̀, torí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹni tó bá ga ju ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀ lèèyàn máa ń mú un tọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì lé kaṣíà títí a ó fi wo oṣù mọ́kànlá tó kù, torí ṣẹ́ẹ̀kì kan la ṣì mú. A fi ọ̀nà kan náà wo gbogbo ẹ̀, Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà fọ́ǹtì. Oṣù Kẹrin, a rí òmíràn, 90,000. Nínú àkáǹtì tí mo fọwọ́ sí, owó báńkì jẹ́ 3,262,600, gbèsè 385,000 wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, owó tó sọnù ní àkọsílẹ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn sì ni Alájì gbé lọ fún báńkì tó fẹ́ yá a lówó.